Ẹni tó kó èésú gbẹ̀yìn ní òun ò dá mọ́ àfi tí a bá fi èlé sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di Sátidé tí a máa ṣèpàdé.

Èmi ni olórí èésú àwa mẹ́wàá kan ní ọjà Bódìjà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni púpọ̀ nínú wa ń tà, ẹnì kan ń ta epo pupa, ẹnì kan ń ránṣọ. ₦40,000 ni a ń dá lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn a kó ₦400,000. Oṣù kẹfà 2023 la bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, oṣù kẹta 2024 la kó o tán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tójú wa rí lásìkò yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni, wọ́n tún jọ̀wọ́ dọ́là sílẹ̀ ní oṣù kẹfà yẹn kan náà. Èmi ni mo kó èkíní. ₦38,000 ni mo ra àpò ìrẹsì kan, mo ra mẹ́wàá, mo tún rí owó ọkọ̀ yọ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa kan Ìyá Ràmọ́tà tó kó ìkẹwàá, àpò kan ti di ₦76,000. Márùn-ún péré ló rí rà. Owó kan náà là ń pè é o, ₦400,000 lèmi gbà, ₦400,000 lòun náà gbà.

Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kó ìkẹta dá a dé oṣù kejìlá, nígbà tó di oṣù kìíní a ò rí i mọ́. ₦120,000 ló kù lọ́rùn rẹ̀. Èmi olórí ni mo yọ ọ́ lápò ara mi kí ojú má ba tì mí lójú àwọn tó kù. Mo ti rí ₦85,000 gbà padà, díẹ̀díẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà la ti dá èésú yìí dúró.

Ní báyìí a fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ràmọ́tà ní òun máa dá, àmọ́ àwọn tó bá kó èkíní títí dé ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ fi nǹkan lé e fún àwọn tó kó gbẹ̀yìn. Arábìnrin kan tó ń ta ike náà fẹ́ wọlé. Oṣù méje sẹ́yìn ló dé ọjà wa. Ó ní kí a jẹ́ kóun kó èkíní, òun máa fi ₦50,000 sílẹ̀ níbẹ̀ kí a pín in. Inú gbogbo wọn ń dùn sí ₦50,000. Ara tèmi ni kò balẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo lè sọ tí wọn ò ní sọ pé olórí ń jowú.

Ọmọ_Àgbẹ̀ní

Ìyá Ìbejì, ẹ gba ₦50,000 yẹn. Ẹni tó bá ń wá owó kíákíá ni kó san owó kíákíá. Bí báńkì ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Tó bá sì dánkan wò, ẹ kó ọlọ́pàá tì í, wákàtí méjì kò ní í pé tí owó yín á fi jáde.

Sùúrù_Lérè

Ẹ má dá èésú kankan mọ́. Èmi náà dá a ní Mọ́níyà, ₦500 lójoojúmọ́, ọkùnrin kan ló ń wá gbà á pẹ̀lú káàdì àti bírò. Oṣù kọkànlá dé tí mo fẹ́ kó owó mi fi ra aṣọ ọdún, wọ́n ní ó ti kó kúrò lágbègbè wa. Àwa tó lé ní ogójì ló kó owó wa lọ. Káàdì yẹn ṣì wà lábẹ́ ẹní mi títí di òní. Gbogbo wọn ni ẹ máa sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Bàbá_Aláṣọ_Òkè_Ọ̀jẹ́

Sùúrù Lérè, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àjọ lẹ dá, kì í ṣe èésú. Alájọ ló ń gba owó yín pa mọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ewu wà, nítorí owó gbogbo yín ń sùn sọ́wọ́ ẹnì kan. Owó èésú kì í sùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a náà ni ẹni tó kàn ń kó o lọ. Lọ́wọ́ àwọn tó ti kó ṣáájú ni ti èésú ti ń wá.

Ìyá Ìbejì, ó ti ju ogún ọdún lọ tí mo ti ń ṣe olórí èésú ní Ọ̀jẹ́, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bí mo ṣe rí i.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kò sí èlé nínú èésú. Èlé wà ńbẹ̀, ojú ni kò rí i. Ẹ wo ara yín tẹ́ ẹ kó èkíní. ₦40,000 lẹ mú wá, ₦400,000 lẹ mú lọ. ₦360,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ẹlòmíì, oṣù mẹ́sàn-án lẹ sì fi san án. Ká ní ọ̀dọ̀ olówó èlé ọjà lẹ ti yá a, tó ń gba kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kọ̀ọ̀kan lóṣù, tó sì ṣàánú yín tó jẹ́ pé orí èyí tó bá kù nìkan ló ń ṣírò rẹ̀. Èlé oṣù àkọ́kọ́ á jẹ́ ₦36,000, ti èkejì ₦32,000, ti ẹ̀kẹta ₦28,000, bẹ́ẹ̀ ni á máa wálẹ̀ títí á fi di ₦4,000. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦180,000 ni. Ohun tí ipò èkíní fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Ta ló wá fún yín? Ìyá Ràmọ́tà ni. Bí gbèsè yín ṣe ń dín kù lóṣooṣù ni owó tirẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ti kó ń pọ̀ sí i. Òun ni olówó yín, kò kàn jókòó sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé gbèsè ni. Ẹni tó kó ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè, tí kò sì pàdánù. Torí náà kì í ṣe ojúkòkòrò ló ń ṣe Ìyá Ràmọ́tà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u nípàdé.

Ọ̀rọ̀ arábìnrin oníke ló wá le. Ó fẹ́ san ₦50,000. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: nínú owó wo ló ti máa san án? Nínú ₦400,000 yín náà ni! Tó bá ní in lọ́kàn láti sá, ₦350,000 ló máa kó lọ dípò ₦400,000, kò ká a lára. Ẹni tó máa san tọkàntọkàn ló máa ń rò ó wò kó tó sọ pé òun á fi ₦50,000 sílẹ̀. Mi ò sọ pé olè ni o. Ó lè jẹ́ pé ọjà ń bọ̀ tí kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ pé gbèsè ibòmíràn ló fẹ́ fi dí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ₦50,000 kò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì fún yín. Ẹ lọ wádìí rẹ̀: ta ló ń tajà fún un láwìn, ṣọ́ọ̀bù tó wà, ṣé tirẹ̀ ni àbí ó ń san án lóṣooṣù, èésú mélòó ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń fi èésú san èésú, ọjọ́ tí ọ̀kan bá dúró ni gbogbo rẹ̀ máa dúró.

Ìyàwó_Alàgbà

Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tẹ́ ẹ sọ ló ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an, mo kàn fẹ́ kí àwọn tó ń yọ̀ sí ₦50,000 gbọ́ ọ.

Àwa méjìlá la dá a, ₦20,000 lóṣù, ₦240,000 lẹni tó bá kàn ń kó. A ní ká má ṣe to ara wa, ká máa ta á ní gbànjo. Lóṣooṣù, ẹni tó bá lè fi owó tó pọ̀ jù sílẹ̀ ni yóò kó, ká pín ohun tó fi sílẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, aránṣọ kan ní òun gba ₦200,000, ó fi ₦40,000 sílẹ̀. Ó kàn wá bíi ₦3,600 lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kejì, ẹlòmíràn fi ₦52,000 sílẹ̀. A ń rẹ́rìn-ín, a ń sọ pé báńkì kan ò lè fún wa ní irú èyí.

Oṣù kẹfà, àwọn méjèèjì dákẹ́. Oṣù méje ló kù, ₦20,000 lọ́nà méjì lóṣù. Ẹ ṣírò rẹ̀, ₦280,000. Gbogbo ohun tá a ti pín lọ́wọ́ wọn jẹ́ ₦92,000. Ẹni tó ń fi owó tó pọ̀ jù sílẹ̀ níbi gbànjo ni ẹni tí kò ríbi yáwó mọ́. Àwọn tó ní sùúrù, tí wọ́n ń san dáadáa, wọn ò dé ibẹ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí wọn ò lè sọ ₦40,000 nù.

Mẹkáníkì_Gátè

Mo gbọ́ tí màmá sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbànjo ló fa á. Àwa náà ń ta á ní gbànjo níbi ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Àgódi Gate, ó ti lọ́dún mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló pẹ́ san rí, òun náà san án tán. Àwa mẹ́jọ ni. ₦500,000 ni. A fi gbèdéke sí i, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ju ₦25,000 sílẹ̀. Bí ẹni méjì bá dé ibẹ̀, a ṣẹ́ kèké. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọ̀ràn ń le mọ́ kò lè fi owó tì wá síta. Ẹni tí kò bá tíì bá wa parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò lè du ìdá àkọ́kọ́. Ó sì ku nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé: ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni gbogbo wa ti ń gba ọjà láwìn. Tí o bá jẹ wá, ọ̀gá náà máa gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì ní tà fún ọ láwìn mọ́. Kò sí ẹni tí ₦500,000 tó ìyẹn lójú rẹ̀.

Ìyàwó_Alàgbà

Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀gá yẹn ló gbà yín, kì í ṣe gbànjo. Àwa ò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníkì_Gátè

Òótọ́ ni ẹ sọ.

Alfa_Òkè_Àdó

Ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ kí a rántí pé mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́ Ìyá Ìbejì, mo sì gbà pé Ìyá Ràmọ́tà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Èésú tí gbogbo èèyàn dá iye kan náà, tí gbogbo èèyàn kó iye kan náà, ìyá-ara-ẹni-lówó ni, kò sóhun tó kan án. Ọjọ́ tí ẹ bá ti sọ pé ẹni tó kó ṣáájú máa san nǹkan lé e nítorí pé ó kó ṣáájú, ribà ti wọ ọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó bá fẹ́ fún olówó rẹ̀ ní ẹ̀bùn lẹ́yìn tó san tán, tí wọn ò bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Ọmọ_Àgbẹ̀ní

Alfa, Bàbá Ọ̀jẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé èlé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ṣé èyí tá ò rí ló dáa, èyí tá a kọ sílẹ̀ ni kò dáa?

Alfa_Òkè_Àdó

Ìpàdánù ni Ìyá Ràmọ́tà fara mọ́, kì í ṣe èlé ló gbà. Ẹni tó yá ọmọnìkejì rẹ̀ lówó láìgba nǹkan lé e máa ń pàdánù nǹkan, ìdí tó fi jẹ́ oore nìyẹn. Àmọ́ mi ò sọ pé kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ṣe oore náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ máa gbà á ṣe.

Tíṣà_Apẹtẹ

Ohun tí Alfa sọ gbẹ̀yìn yìí ni ojútùú rẹ̀, ó sì rọrùn gan-an. Ẹ yí i po. Ẹni tó kó èkíní nígbà yẹn kó gbẹ̀yìn, ẹni tó kó gbẹ̀yìn kó èkíní. Lẹ́yìn ìgbà méjì, gbogbo yín ti dọ́gba, kò sí èlé, kò sí ìjà.

Ní ilé ìwé tiwa, a ò dá èésú mọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la wà. Wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wa kó tó dé ọwọ́ wa, a lè yá ìlọ́po méjì ohun tá a bá ti fi pa mọ́, àwọn onígbọ̀wọ́ méjì a fọwọ́ sí i. Èlé tí ẹni tó yáwó san ló ń di èrè tí a ń pín fún gbogbo wa lópin ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ alájẹṣẹ́kù wà ní Eléyẹlé níbí, kò jìnnà. Ẹ̀yin ará ọjà náà lè ṣe é.

Bàbá_Aláṣọ_Òkè_Ọ̀jẹ́

Tíṣà, ohun rere ni alájẹṣẹ́kù, mo ní tèmi náà. Ṣùgbọ́n owó oṣù yín ni agbára rẹ̀, ẹnì kan ń yọ ọ́ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò yọ ti onírẹsì?

Ti yíyípo yẹn, ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orí ló kó mi yọ. Ẹ wò ó. Ìyá Ràmọ́tà kó ní oṣù kẹwàá. Tí ẹ bá fi í ṣe èkíní nínú èyí tó tẹ̀ lé e, tí ẹ ò sì sinmi láàárín, oṣù kọkànlá ló tún máa kó. ₦800,000 láàárín oṣù kan, ó wá ku ₦360,000 tó gbọ́dọ̀ san. Ẹni tí ẹ fọkàn tán nígbà tó jẹ́ olówó yín, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó jẹ yín ní gbèsè tó tóbi jù lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó kó èkíní nígbà yẹn wá máa dá, á máa dá, kò ní tún fojú kan owó títí di oṣù ogún. Oṣù mọ́kàndínlógún gbáko. Tó bá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, kí ló fẹ́ dá a dúró? Ẹ máa yí i, àmọ́ kó má jẹ́ orí di ìdí pátápátá. Kí ẹni tó gbẹ̀yìn wá sí ìkejì tàbí ìkẹta, kí ẹni tó ṣáájú lọ sí ìkeje tàbí ìkẹjọ. Ti yín tiẹ̀ rọrùn nítorí ẹ ti sinmi.

Ọlọ́jà_Ṣáṣá

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lé náírà kiri? Ìrẹsì lẹ ń tà, ẹ fi ìrẹsì dá a. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú iye tí wọ́n ń ta àpò kan wá lọ́jọ́ ìdá. Ẹni tó kó èkíní á kó àpò mẹ́wàá, ẹni tó kó ìkẹwàá náà á kó àpò mẹ́wàá. Àwa kan ń fi agbọ̀n tòmátì ṣe é.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Èyí wọ̀ mí lọ́kàn, mo tiẹ̀ pe Ìyá Ràmọ́tà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aránṣọ wa ni mo rò. ₦38,000 ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ₦76,000 ló máa fi parí. Iye tó ń rán ìró àti bùbá kò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Òun ló máa kọ́kọ́ dúró, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ jẹ wá.

Ọmọ_Àgbẹ̀ní

Lọ́dún 2025 ńkọ́, tí owó ìrẹsì wálẹ̀? Ẹni tó kó ṣáájú ì bá máa san owó tó kéré sí i, ẹni tó kó gbẹ̀yìn ì bá kó náírà tí kò tó èyí tó ti dá. Ìyá Ràmọ́tà ì bá tún máa bínú.

Ọlọ́jà_Ṣáṣá

Àpò mẹ́wàá kọ́ ni yóò ṣì kó ni? Kí ló ń bínú sí?

Ọmọ_Àgbẹ̀ní

Owó ilé ìwé ọmọ kì í gba ìrẹsì o.

Alfa_Òkè_Àdó

Tó bá jẹ́ ìrẹsì gan-an lẹ gbé wá, tí ẹ sì san ìrẹsì irú rẹ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀, padà, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Náírà tí ẹ fi owó ìrẹsì wọ̀n ni àwọn onímọ̀ ń jà lé lórí. Èmi kò ní í fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí ó bi alfa tó sún mọ́ ọn.

Akọ̀wé_Ìyágankú

Mo rí i pé ẹnì kan ní kí a kó ọlọ́pàá ti ẹni tó bá jẹ èésú. Ẹ ṣọ́ra. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ẹni tí ẹ kó ọlọ́pàá tì lè yí padà pè yín lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ la ti ń gba gbèsè, ohun tí ilé ẹjọ́ sì máa béèrè ni ìwé. Púpọ̀ èésú kò ní ju orúkọ àti àmì lọ nínú ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá kó, kí ó kọ iye tó gbà, iye tó ṣẹ́ kù tó máa dá àti ọjọ́ tó máa dá wọn, kí ó fọwọ́ sí i, kí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹni méjì ṣe ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì bó bá ṣeé ṣe, kí ọjọ́ àti iye owó wà lákọsílẹ̀.

Mo sì ti rí i pé ẹni tó máa dúró kì í dúró lójijì. Ó máa ń kọ́kọ́ pẹ́ ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà á mú ìdajì wá. Lẹ́yìn náà á máa rán ọmọ. Ìgbà tó bá ti ń mú ìdajì wá ni kí olórí lọ sọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́, kì í ṣe ìgbà tí kò bá gbé fóònù mọ́.

Ọmọ_Àgbẹ̀ní

Ẹ ṣeun, mi ò mọ̀. Àwọn kan ń ṣe é ní ọjà wa ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Gbogbo ohun tí Akọ̀wé sọ yìí ni ẹni tó kó ìkẹta ṣe. Ó mú ₦25,000 wá ní oṣù kọkànlá, ó ní òun á mú ìyókù wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó mú un wá lóòótọ́, ni mo bá gbàgbé. Mi ò gba onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Bàbá, ìbéèrè kan. Ṣé kí n fi oníke yẹn ṣe ìkẹwàá ni? Kò lè jẹ wá nígbà náà.

Bàbá_Aláṣọ_Òkè_Ọ̀jẹ́

Kò lè jẹ yín, ẹ̀yin lẹ lè jẹ ẹ́. Ẹni tó kó ìkẹwàá ló fọkàn tán èèyàn mẹ́sàn-án, òun tí kò mọ̀ yín rí lẹ fẹ́ kó gba ẹ̀yin mẹ́sàn-án gbọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Tó bá lọ́gbọ́n, kò ní gbà. Tó bá sì gbà, ìyẹn fún ra rẹ̀ ti sọ nǹkan rere nípa rẹ̀ fún yín. Ohun tí èmi máa ń ṣe fún àlejò ni pé kí ó fi ààbọ̀ ọwọ́ wọlé, kí òun àti ẹnì kan tó ti pẹ́ jọ dá ọwọ́ kan. Mo máa ń fi wọ́n sí ìkẹfà tàbí ìkeje, níbi tí kò ti sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹnì kejì. Ẹni tó ti pẹ́ náà ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan kù tí mo gbàgbé. Tó bá jẹ́ ọ̀wọ́ngógó lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ gé àsìkò rẹ̀ kúrú. Ẹ dá ₦20,000 lọ́sẹ̀ méjì-méjì dípò ₦40,000 lóṣù. Ìnáwó yín kò yí padà. ₦200,000 lẹni tó kàn máa kó, láàárín ogún ọ̀sẹ̀ ẹ ti parí. Gbèsè ẹni àkọ́kọ́ di ₦180,000, ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ìdajì àsìkò ló sì fi máa san án. Èlé àfojúfò tí mo ṣírò lókè, ₦180,000 yẹn, á wálẹ̀ sí bíi ₦45,000. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni, kì í ṣe ìdajì. Ohun tó ya èmi náà lẹ́nu nìyẹn nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ bá mi ṣírò rẹ̀.

Mẹkáníkì_Gátè

Bàbá, ₦200,000 kò lè gbé ọjà wá fún elòmíì. Owó ńlá tó bá wá lẹ́ẹ̀kan náà ni èèyàn ṣe ń dá èésú. Tó bá jẹ́ owó kéékèèké ni, kí n máa jẹ́ kó wà ní àpò mi.

Bàbá_Aláṣọ_Òkè_Ọ̀jẹ́

Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ owó ńlá, kó mú ọwọ́ méjì, bó bá lágbára àti san án. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ méjèèjì má ṣe tẹ̀ léra.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú àdúrà o. A ti ṣèpàdé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun.

Mo ka ìṣírò Bàbá sí wọn létí. Mo sọ ọ́ fúnra mi pé èmi ni mo jẹ ₦180,000 Ìyá Ràmọ́tà láìmọ̀, gbogbo wọn dákẹ́, lẹ́yìn náà ni Ìyá Ràmọ́tà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n kó o wá. A ò fi èlé sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la fẹ́ máa dá a, ₦20,000. Ìyá Ràmọ́tà ló máa kó ìkejì, èmi ìkẹjọ. Ìyá Elépo ló máa kó èkíní, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ láàárín wa. Onígbọ̀wọ́ di dandan, títí kan ẹni tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni méjì kò fara mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ọ̀rọ̀ tí Mẹkáníkì sọ gan-an ni wọ́n sọ, a ní ká dán an wò fún ogún ọ̀sẹ̀ ná.

Arábìnrin oníke: mo lọ bá a níbùjókòó rẹ̀, mo bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ó ní owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan ni onílé ń béèrè, tóun kò bá san án lóṣù yìí, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó ń ta aṣọ ní Gbági tuntun ti yọjú sí wa, ó ní òun lè dúró fún un. Mo fi ààbọ̀ ọwọ́ lọ̀ ọ́ ní ìkeje. Ó ní òun á rò ó. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ pé a jẹ́ kí ₦50,000 lọ, pé obìnrin yẹn kò ní í sá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tuntun lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n jàre.

Ẹni tó kó ìkẹta nígbà yẹn gbọ́ pé a fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó fi ₦5,000 ránṣẹ́ lánàá, ó ku ₦30,000. Ó ní ṣé òun lè wọlé. Mo ní kó kọ́kọ́ san án tán ná.